Kí Wọ́n Tó Ní Pánẹ́ẹ̀lì Ló Bàjẹ́

Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá dákẹ́ láàárín iṣẹ́, tàbí tó fọ aṣọ tán tó kọ̀ láti ṣe sípíìnì, pánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Pánẹ́ẹ̀lì ni pátákó oníwáyà tó ń pàṣẹ fún gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ohun méjì mìíràn wà tí owó wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tí àmì wọn sì máa ń jọ ti pánẹ́ẹ̀lì: súwíìsì ilẹ̀kùn, àti kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò. Ẹni tí kò bá tíì yẹ àwọn méjèèjì yìí wò kò ní ẹ̀tọ́ láti dá pánẹ́ẹ̀lì lẹ́bi.

Ẹ̀rọ tókùnbọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, tí bẹ́líìtì ń yí dúrọ́ọ̀mù rẹ̀, ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ gan-an láàárín àwọn tí wọ́n ń kó wọlé láti ìlú Ọba. Ẹ̀rọ alábala méjì, tí a ń da omi sí láti òkè, kì í sábà ní kábọ́ọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tuntun tí mọ́tò wọn so mọ́ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù tààrà láìsí bẹ́líìtì.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò ni omi. Bí omi bá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ náà kò ní gbà láti ṣe sípíìnì, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ lára mọ́tò rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀ níwájú, ẹ gbé abọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì yọ asẹ́ tó wà níbẹ̀. Owó ẹyọ, bọ́tìnnì àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ló sábà máa ń dí i.

Bí omi bá ti lọ tán tí ẹ̀rọ náà kò sì yí, ìbéèrè tó kù ni èyí: nígbà tó dákẹ́, kí ló dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀?

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ báyìí, inú súwíìsì ilẹ̀kùn ni iná ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò, ohun tó ń gbé omi wọlé àti ohun tó ń mú omi gbóná. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn tí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ẹ ó gbọ́ “kẹ́”. Ohun kékeré kan ló gbóná nínú súwíìsì náà, tó ti irin pẹlẹbẹ kan, tí irin yẹn sì há ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn kì í fi í ṣí lójú ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí: ohun tó gbóná náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù, èyí sì lè gba bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Nítorí náà, bí súwíìsì yìí bá jóná, gbogbo nǹkan ló máa ń dákẹ́ pọ̀. Omi kò ní wọlé, dúrọ́ọ̀mù kò ní yí, àmọ́ iná ojú ẹ̀rọ yóò máa ṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ pé inú sípíìnì ló ti ń dákẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, ẹ wo ìkọ́ ilẹ̀kùn náà. Ilẹ̀kùn tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ lórí ìdè rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìkọ́ náà wọlé dáadáa, bó bá sì ti ń gbọ̀n ni iná yóò máa já. Ẹ gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ bí ẹ bá ń tì í. Bó bá ṣiṣẹ́ báyẹn, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn kan máa ń so wáyà súwíìsì yìí pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dúrọ́ọ̀mù tó ń yí ní ìgbà 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan lè ká apá ọmọdé.

Ti kábọ́ọ̀nù yàtọ̀. Ìyá kan ní Ìbàdàn ní ẹ̀rọ tókùnbọ̀ kan tí wọ́n ti sọ fún un pé pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún “kẹ́” dáadáa. Omi ń wọlé, omi ń jáde, iná ojú rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Dúrọ́ọ̀mù nìkan ni kì í yí, àfi bí wọ́n bá fi ọwọ́ gbá ara ẹ̀rọ náà, á yí bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, á tún dúró. Ó ti ń rùn bí ohun tó jóná láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmì wọ̀nyí kò jọ ti ilẹ̀kùn rárá, nítorí pé ohun kan ṣoṣo ló dákẹ́.

Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri, wọ́n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, wọ́n sì tú wáyà mọ́tò. Wọ́n fi mítà kan ojú wáyà méjì tó lọ sí kábọ́ọ̀nù, wọ́n sì fi ọwọ́ yí mọ́tò jẹ́jẹ́. Ó yẹ kí mítà fi ómù díẹ̀ hàn, kó má sì já. Èyí ń hàn, ó ń pòórá. Nígbà tí wọ́n tú síkúrúù ilé kábọ́ọ̀nù méjèèjì, eruku dúdú bo ibẹ̀. Ọ̀kan nínú kábọ́ọ̀nù náà kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan mọ́, èkejì fi díẹ̀ gùn jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni tuntun irú rẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Sípíríìnì ló ń ti kábọ́ọ̀nù mọ́ òrùka bàbà tó ń yí lórí mọ́tò. Bó bá ti jẹ tán, sípíríìnì kò ní lè tì í débẹ̀ mọ́. Gbígbá tí wọ́n ń gbá ẹ̀rọ náà ló ń sún un kan bàbà fún ìgbà díẹ̀.

Méjèèjì ni wọ́n pààrọ̀ pọ̀, nítorí pé tuntun àti ogbó kì í tẹ bàbà bákan náà. Wọ́n wo bàbà náà: ó dúdú, àmọ́ kò sí èyí tó yọrí sókè nínú àwọn ègé rẹ̀. Ká ní ègé kan ti yọrí ni, yóò máa gé kábọ́ọ̀nù tuntun jẹ, mọ́tò gan-an ni wọn ì bá sì wá. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà yí láìsí aṣọ nínú rẹ̀, kí ẹnu kábọ́ọ̀nù lè bá òrùka náà mu. Iná búlúù kéékèèké ń ṣẹ́ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó aṣọ sí i, ó sì ṣe sípíìnì.

Ìgbà wo wá ni pánẹ́ẹ̀lì? Bí ilẹ̀kùn bá há dáadáa, tí kábọ́ọ̀nù gùn, tí mítà sì fi ara mọ́tò hàn láìjá, tí iná kò sì dé ọ̀dọ̀ mọ́tò síbẹ̀, ó kan pánẹ́ẹ̀lì, bí wáyà tó wà láàárín wọn kò bá já. Àmì mìíràn ni kí dúrọ́ọ̀mù máa sáré àsápajúdé bí ẹ bá ti tẹ ẹ́. Àmọ́ ẹ wo ìdí mọ́tò ná: mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì mọ bí mọ́tò ṣe ń yára tó. Bó bá bọ́, àmì kan náà ni ẹ ó rí.

Iná tó bá wọlé lójijì pẹ̀lú agbára lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un lọ wà lára ohun tó ń pa pánẹ́ẹ̀lì. Ojú ibi tó ti jó sábà máa ń hàn ní dúdú. Nígbà mìíràn, lẹ́ẹ̀dì tó wà nídìí ohun kan lórí rẹ̀ ló sán yí ká, ẹni tó mọṣẹ́ sì lè tún un jó láì ra òmíràn. Bó bá di dandan láti rà á, ẹ mú ògbólógbòó lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti tuntun mu pátápátá, nítorí pé pánẹ́ẹ̀lì méjì lè jọra lójú kí iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú wọn má bára mu.