Ọjà tuntun ni, àbí oníbàárà àná? Àpótí mẹ́rin tí oníṣòwò lè fi yan ọ̀nà

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ìbéèrè kan wà tó máa ń da oníṣòwò láàmú bí owó díẹ̀ bá ti wọlé: ṣé kí n fi owó yìí mú kí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi rà sí i ni, àbí kí n fi bẹ̀rẹ̀ ọjà mìíràn? Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sáré lọ sídìí ọjà tuntun. Kí ẹ tó náwó, ẹ mú bébà kan àti bírò kan.

Lọ́dún 1957, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Ígọ̀ Ánsọ́fù, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn òwò tí Yunifásítì Hávádì ń gbé jáde. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé ọ̀nà mẹ́rin péré ni òwò lè gbà dàgbà. Lónìí, inú àpótí mẹ́rin ni wọ́n máa ń ya àwọn ọ̀nà náà sí.

Àpótí kìíní ni kí ẹ ta ọjà tí ẹ ń tà tẹ́lẹ̀ púpọ̀ sí i fún irú àwọn èèyàn tí ẹ ń tà á fún tẹ́lẹ̀. Àpótí kejì ni kí ẹ gbé ọjà tuntun wá fún àwọn èèyàn yẹn kan náà. Àpótí kẹta ni kí ẹ gbé ọjà àná lọ bá èèyàn tuntun, bí àpẹẹrẹ, ní ìlú mìíràn. Àpótí kẹrin ni kí ọjà jẹ́ tuntun, kí oníbàárà náà sì jẹ́ tuntun. Ánsọ́fù ya ìkẹrin yìí sọ́tọ̀, torí pé ó sábà máa ń béèrè ìmọ̀ tuntun àti irinṣẹ́ tuntun, nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù ṣì lè lo ohun tó wà nílẹ̀. Àpótí kìíní àti ìkejì la fẹ́ fi wéra lónìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta sóbò ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣápá pupa ló ń sè, ó ń fi atalẹ̀ sí i, ó sì ń rọ ọ́ sínú ike. ₦300 ló ń ta ike kan, ₦200 ló ń ná lé e, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦100. Ó ní oníbàárà 60 tó mọ̀ dáadáa. Nígbà tó ṣí ìwé rẹ̀ wò, ó rí i pé 25 nínú wọn ń rà á lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Àwọn 35 yòókù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ike 185 nìyẹn lọ́sẹ̀, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦18,500. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi òfio. Ṣé kó ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àpótí kìíní. Àwọn 35 yẹn ni ibi tí àyè wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ra ike méjì sí i lọ́sẹ̀, ike 70 nìyẹn, èrè tó lé sì jẹ́ ₦7,000. Ohun tó kọ́kọ́ máa wá sí wa lọ́kàn ni ẹ̀dínwó: ra márùn-ún, gba ìkẹfà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣọ́ra o! Àwọn 25 tó ń rà lójoojúmọ́ ló máa kọ́kọ́ gba ọ̀fẹ́ náà, ike kan lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ike 25 tí wọn ì bá ti sanwó rẹ̀, ní ₦300, jẹ́ ₦7,500. Ohun tó pàdánù ju ohun tó fẹ́ jèrè lọ.

Ohun tó dáa ni kó béèrè ìdí tí àwọn 35 fi ń rà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ká sọ pé ìdáhùn wọn ni pé, “Mọ́mì, nígbà tá a bá fi máa dé lọ́sàn-án, sóbò yín ti tán, tàbí kó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.” Ẹ rí i pé kì í ṣe owó ló dí wọn lọ́wọ́. Kúlà kejì, tó jẹ́ ₦15,000, àti yìnyín ₦1,000 lọ́sẹ̀ ló máa tán ìṣòro náà. Bí ike 70 náà bá tà, ₦6,000 ló kù lọ́sẹ̀ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó kúlà ti padà wọlé.

Ó wá kan àpótí kejì, omi òfio. Ká ní ₦600 ló máa tà á, ₦400 ló máa ná an, èrè ₦200. Ó jọ pé èyí dáa ju sóbò lọ, àbí? Bí èèyàn 20 bá ń rà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ike 40 jẹ́ èrè ₦8,000. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló máa jẹ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn kan máa fi sóbò sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mu òfio. Bí ìdajì bá ṣe bẹ́ẹ̀, ike sóbò 20 ò ní tà, ₦2,000 lọ. Ìkejì, omi òfio tètè máa ń kan bí kò bá tutù dáadáa. Bí ike márùn-ún bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀, ₦2,000 mìíràn tún lọ. Ó ku ₦4,000. Bí bílẹ́ńdà ńlá àti ohun èlò yòókù bá jẹ́ ₦90,000, ó máa tó ọ̀sẹ̀ 23 kí owó náà tó padà.

Nítorí náà, kúlà ni kó kọ́kọ́ rà. Èyí ò túmọ̀ sí pé òfio ò dáa. Bó bá jẹ́ pé 55 nínú àwọn 60 ló ń ra sóbò lójoojúmọ́, kò sí àyè mọ́ nínú àpótí kìíní, torí ikùn èèyàn níwọ̀n. Ẹ máa mọ̀ pé àyè ti tán bí sóbò tútù bá ń ṣẹ́kù sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń ráhùn. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ yíjú sí àpótí kejì.

Kódà nígbà yẹn, kò yẹ kó ra bílẹ́ńdà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó yá ti ẹlòmíì, kó ṣe ike mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì tà á ní iye tó fẹ́ tà á gan-an. Ẹni tó ní “ó máa dáa o” kò tíì rà á. Iye àwọn tó rà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ló ṣe pàtàkì, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ tọ́ ohun tuntun wò. Àwọn tó padà wá rà á ní ọ̀sẹ̀ kejì ni kó kà. Kó sì wo ìwé sóbò lọ́sẹ̀ kan náà, kó lè mọ iye tí òfio ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí àpótí mẹ́rin yìí mọ nìyẹn. Wọn kò lè sọ iye èrè fún yín, wọn ò sì mọ ẹni tó ń ta irú ọjà yín ní ojúlé kejì. Ìwé tí ẹ ń kọ ọjà yín sí lójoojúmọ́ ló máa dáhùn ìyókù. Bí ẹ ò bá tíì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ orúkọ oníbàárà àti iye tó rà fún oṣù kan ná, kí ẹ tó yan àpótí kankan.