Lẹ́tà Lórí Àpótí Rẹlé

Ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ya òwú kúrò lára kóró rẹ̀, rẹlé ni ó ń pàṣẹ fún mọ́tò. Ó ń so iná pọ̀, ó sì ń já a. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ojú irin rẹ̀ a máa jó, iná kì í sì í kọjá dáadáa mọ́.

Ẹlẹ́rọ tí ó bá fẹ́ fi ọtomáàtì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ̀rọ, rọ́pò àwọn rẹlé, kí ó má kàn wí fún ọ̀gá pé àpótí ti gbó. Kí ó ka wákàtí tí iṣẹ́ fi dúró. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

«Ọ̀gá wa, ní oṣù tó kọjá, mọ́tò dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wákàtí 9 ni a fi wá ohun tó bàjẹ́. Ìṣẹ́jú 40 péré ni a fi tún un ṣe. Lára ọtomáàtì, okùn kọ̀ọ̀kan tí ń mú ìròyìn wọlé ní iná kékeré tirẹ̀. Bí a bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tí iná tirẹ̀ kò tàn, a ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí òwú bá tán nílẹ̀.»

Kí lẹ́tà náà sọ ohun tí kò ní yí padà pẹ̀lú. Rẹlé ńlá tí ń gbé iná fún mọ́tò yóò ṣì wà. Bọ́tìnì pupa tí a ń tẹ̀ nígbà ewu gbọ́dọ̀ ní okùn tirẹ̀ tí ń já iná, láìdúró de ọtomáàtì.