Àtàǹpàkò Ni Kí Wọ́n Fi Wọn Bọ́tìnì Áàpù Báńkì

Ẹni tó dúró nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré, tó fi ọwọ́ kan di irin mú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún fóònù rẹ̀. Ìka yòókù á gbé fóònù ró lẹ́yìn, àtàǹpàkò nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ níwájú. Bí ó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ báyìí, ohun méjì ló máa pinnu bóyá ohun tó ní lọ́kàn gan-an ni yóò tẹ̀: bí bọ́tìnì ṣe tóbi tó, àti bóyá àtàǹpàkò rẹ̀ lè dé ibẹ̀ láìjẹ́ pé ó tún fóònù dì mú.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ojú kan péré wò nínú irú áàpù bẹ́ẹ̀, èyí tí orúkọ àwọn tí a ti fi owó ránṣẹ́ sí rí wà. Orúkọ tò wá sísàlẹ̀. Lápá ọ̀tún orúkọ kọ̀ọ̀kan, àmì méjì fara kan ara wọn: àmì kálàmù tí a fi ń ṣe àtúnṣe, àti àmì garawa ìdọ̀tí tí a fi ń pa orúkọ rẹ́. Ká ní àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ dp 24 níbùú àti lóròó. Dp ni ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe áàpù Android ń lò. Google dámọ̀ràn pé kí ibi tí a ó máa tẹ̀ má kéré sí dp 48. Ìlànà WCAG 2.2, tí àjọ W3C gbé jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2023, gba 24 gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù ní ìpele AA. Lórí ìwé, àmì garawa wa yege nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kò mọ dp, mílímítà ló mọ̀. Fóònù tí ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 6.5 láti igun dé igun, irú èyí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ báyìí, fẹ̀ tó mílímítà 68. Bí fóònù náà bá ka ìbú yẹn sí dp 360 (nọ́ńbà yìí wà níbi tí wọ́n kọ `Smallest width` sí nínú `Developer options`), ẹ pín 68 sí ọ̀nà 360: dp kan kò ju mílímítà 0.19 lọ. Dp 48 á jẹ́ mílímítà 9. Àmì garawa wa á jẹ́ mílímítà 4.5 péré. Lọ́dún 2006, Pekka Parhi, Amy Karlson àti Benjamin Bederson ṣe ìwádìí lórí àtàǹpàkò ẹni tó fi ọwọ́ kan di ẹ̀rọ mú, wọ́n sì dámọ̀ràn mílímítà 9.2 fún ohun tí a ó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì rẹ̀ ni tiwa kò tilẹ̀ pé.

Ti ibi tí ọwọ́ tó ló kàn. Ẹ ṣí áàpù tí a fi ń yàwòrán, ẹ di fóònù mú bí ẹ ṣe máa ń dì í, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò wọ́ ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí dé ibi tó bá lè dé, láìyí ọwọ́ padà. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é, kí ẹ sì fi òsì ṣe é. Ibi tí ìlà náà kò dé, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ ní láti tún fóònù dì mú, ìgbà yẹn ni fóònù sì máa ń já bọ́. Gíga fóònù yìí tó mílímítà 150, nítorí náà igun òkè jìnnà sí ọ̀pọ̀ ọwọ́. Àmì garawa kò jìnnà ní tirẹ̀, ó sún mọ́ jù ni. Ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀tún di fóònù, tó ń yí orúkọ lọ sókè sódò, etí ọ̀tún yẹn gan-an ni àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbà kọjá.

Ká tó mọ bí àṣìtẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ tan `Pointer location` nínú `Developer options`. Fóònù á máa fi ìlà tó dábùú ara wọn hàn níbi tí ìka bá bà, pẹ̀lú nọ́ńbà ibẹ̀ ní píksẹ́lì. Àwọn áàpù báńkì kan kì í ṣí bí `Developer options` bá wà ní títàn, nítorí náà ẹ̀dà ìdánwò tàbí àwòrán ojú áàpù náà ni àwọn tó ń ṣe é ń lò. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró, kí ó fi ọwọ́ kan tẹ àmì garawa náà léraléra. Lórí fóònù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 720, dp kan jẹ́ píksẹ́lì méjì. Láti àárín àmì wa dé etí rẹ̀, píksẹ́lì 24 ni. Títẹ̀ tó bá fi píksẹ́lì 30 kúrò ní àárín ti bọ́ sórí kálàmù, tàbí sórí orúkọ fúnra rẹ̀. Ẹran àtàǹpàkò bo àmì náà mọ́lẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ kò sì rí ibi tó bà sí.

Àtúnṣe kan wà tí kò ní ba àwòrán jẹ́: kí àmì máa jẹ́ dp 24 lójú, ṣùgbọ́n kí àyíká rẹ̀ tó ń gba títẹ̀ fẹ̀ dé 48. Àmì méjì á gba dp 96 nínú 360, àyè ṣì kù fún orúkọ. Lójú tèmi, èyí kò tó fún garawa. Ohun tí a fi ń pa nǹkan rẹ́ kò yẹ lójú ọ̀nà tí àtàǹpàkò ń gbà kọjá. Inú ojú àtúnṣe ni kó wà, kí ó sì béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pa orúkọ rẹ́.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n dín `Display size` kù lórí fóònù kan náà, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Bí ìbú náà bá di dp 411, dp 48 tó jẹ́ mílímítà 9 tẹ́lẹ̀ á sún sí 7.9, bọ́tìnì tó tó àtàǹpàkò lánàá kò sì ní tó o mọ́.