Nígbà Tí Ímeèlì Ilé Ìwòsàn Bá Tì Mọ́ Òṣìṣẹ́ Síta

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni, ímeèlì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ka ìgbàlejò ń lò. Ibẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò ti ń wọlé láti lábù, ibẹ̀ náà ni iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó lè tọ́jú ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, akọ̀wé mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń gbowó náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí ímeèlì yìí bá tì, aláìsàn ló máa jókòó dúró.

Ohun tí máníjà sábà máa ń kọ sí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò ju “Ímeèlì wa ò ṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá wa ṣe é” lọ. Ẹni tó gba irú lẹ́tà yìí ò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Á béèrè ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á dá a lóhùn, á tún béèrè òmíràn, ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Bí ilé ìwòsàn náà bá ń lo Microsoft 365, irú lẹ́tà tó máa ran gbogbo wọn lọ́wọ́ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ òní, ọjọ́ Ajé, a ò lè wọ ímeèlì tí a jọ ń lò ní ìgbàlejò. Kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ sọ pé pásíwọ́ọ̀dù wa ò tọ̀nà. Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, ohun tó ń gbé jáde yí padà sí: *Your account is temporarily locked to prevent unauthorized use.* Mo fi fọ́tò rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Bákan náà ló rí lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àmọ́ ímeèlì tí kálukú wa ń dá lò ń ṣí. Akọ̀wé wa kan fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá ìgbàlejò sì yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ṣùgbọ́n àwọn tó wọṣẹ́ láàárọ̀ ò tíì gbọ́. Aláìsàn méjì ń dúró de kóòdù. A ti ń fi fóònù béèrè ìyẹn. Mo ti ní kí gbogbo èèyàn dáwọ́ dúró, kí wọ́n má tẹ ohunkóhun mọ́. Ẹ pè mí lórí nọ́ńbà ọ́fíìsì tó wà lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀wé.”

Ọ̀rọ̀ méjì tí kọ̀ǹpútà gbé jáde yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Èyí àkọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n ti yí pásíwọ́ọ̀dù. Èkejì fi hàn pé ìméfò ti pọ̀ jù. Bí iléeṣẹ́ ò bá yí ètò rẹ̀ padà, lẹ́yìn àṣìṣe mẹ́wàá, Microsoft á ti àkáǹtì náà fún ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá tún ṣì í tẹ̀, á tún tì í, títì náà á sì máa pẹ́ sí i. Ẹni tó ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ kan náà léraléra kọ́ ló ń fà á, torí ètò náà kì í ka irú ìyẹn ní ìlọ́po. Àwọn tó ń fi ọdún kún un, tí wọ́n ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá, ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ “ẹ dáwọ́ dúró” fi wúlò ju ìgbìyànjú èyíkéyìí lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé pásíwọ́ọ̀dù ò sí nínú lẹ́tà náà. Kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ìpè orí fóònù náà ní ìdí tirẹ̀: àwọn olè máa ń díbọ́n bí ọ̀gá kí wọ́n lè gba pásíwọ́ọ̀dù tuntun.

Bí wọ́n bá ṣí i, ìṣòro náà á padà wá lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ mìíràn bá lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí máníjà fi ìbéèrè kan parí lẹ́tà rẹ̀: kí wọ́n sọ ímeèlì náà di èyí tí Microsoft ń pè ní *shared mailbox*. Kò ní sí pásíwọ́ọ̀dù àjọlò mọ́. Wọ́n á dí ọ̀nà àtiwọlé tààrà sí i, kálukú á sì máa fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ wọlé, kó tó rí àpótí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ímeèlì tirẹ̀. Àṣẹ méjì ló yẹ kí wọ́n béèrè fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: *Full Access*, kó lè ka lẹ́tà, àti *Send As*, kó lè fi orúkọ ilé ìwòsàn fèsì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé èkejì, wọ́n á wá máa kà láìlè dáhùn. Ó lè tó wákàtí kan kí àpótí náà tó hàn, torí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìkánjú sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Bí ẹrù inú àpótí náà ò bá ju 50 GB lọ, kò nílò láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lò ó ló gbọ́dọ̀ ní. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èsì àyẹ̀wò àwọn èèyàn ló wà nínú àpótí yẹn, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìpamọ́ pàtàkì. Ẹ̀yin máníjà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò tún tì. Ẹ kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ gbogbo ẹni tó yẹ kó máa wọlé síbẹ̀ mọ́ ọn.