Kókó Wẹ́wẹ́ tó Yí Orí Okó Ká: Èwo ni Àrùn, Èwo ni Kì í Ṣe Àrùn?

Láti ìgbà tí ọmọkùnrin bá ti bàlágà títí dé nǹkan bí ọdún 30, ó lè ṣàdédé rí i pé àwọn kókó wẹ́wẹ́ kan yọ yí etí orí okó òun ká, níbi tí orí náà ti pàdé ọrùn. Wọn kì í dùn ún, wọn kì í yún un, wọn kì í sì í ní ọyún nínú. Síbẹ̀, wọ́n lè lé oorun lójú rẹ̀. Bó bá ti bá obìnrin lò pọ̀ rí, á gbà pé àrùn lòun kó. Bí kò bá tíì ṣe é rí, á máa ro ti aṣọ ìnura tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ kan, ọmọ ọdún 19. Ó rí kókó náà nígbà tó ń wẹ̀, ojú tì í láti sọ fún àwọn òbí rẹ̀, ló bá yà sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Wọ́n fún un ní kápúsù àtọ̀sí, ó lò ó tán, kókó ò lọ. Ó fi kànrìnkàn ha á, kò lọ, ara ló bó. Ìgbà yẹn ló tó délé ìwòsàn.

Dókítà ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ oògùn rárá. “Àbúrò, ìgbà wo lo kọ́kọ́ rí i? Ṣé ó ń pọ̀ sí i?”

“Ó ti lé lọ́dún kan, sà. Bó ṣe wà nígbà yẹn náà ló ṣe wà.”

Ìdáhùn yẹn ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀. Nígbà tí dókítà tan iná sí ibẹ̀, tó sì fi awò wò ó, ó rí ìdajì kejì: àwọn kókó náà tò ní ìlà méjì bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, wọ́n ń dán, wọ́n dọ́gba, àwọ̀ wọn ò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ara. Kò sí ìkankan lára igi okó, kò sí ní ìdí irun, kò sí ní ẹnu ihò ìtọ̀.

Kókó péálì làwọn dókítà ń pe irú èyí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn àti ẹran líle díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ lábẹ́ awọ. Kò sí kòkòrò àrùn níbẹ̀, kì í ràn, ìdọ̀tí kọ́ ló sì ń fà á. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan rí i lára nǹkan bí ọkùnrin 14 sí 48 nínú 100. Ó wọ́pọ̀ jù lára ẹni tí wọn ò kọ nílà, àmọ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kọ nílà láti kékeré náà lè ní in. Bí ọjọ́ orí ti ń ga, ó sábà máa ń rọlẹ̀.

Wọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fà á, irú kẹfà àti ìkọkànlá ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Ara tó kan ara nígbà ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, kọ́ńdọ̀mù sì ń dín ewu rẹ̀ kù láìmú un kúrò tán, torí kì í bo gbogbo ibi tí awọ ti ń kan awọ. Ó lè tó oṣù méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó yọ síta. Bó bá yọ, kì í tò ní ìlà. Ọ̀kan á wà lára igi okó, òmíràn á wà nítòsí ihò ìdí, wọn ò ní dọ́gba, ojú wọn á rí ṣákaṣàka, wọ́n á sì máa tóbi tàbí kí wọ́n máa pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìyípadà yìí gan-an ló yẹ kéèyàn máa ṣọ́.

Àwọn kan a máa da ọtí kíkan sí i láti mọ èwo ni èwo. Ẹ̀rí yẹn ò ṣeé gbára lé, torí awọ tó kàn bó lásán náà lè funfun bí ọtí kíkan bá kàn án. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n ra oògùn wọ́ọ̀tì. Podofilotọ́sìnì, fún àpẹẹrẹ, ń pa ẹran ara ni: ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń fi í pa wọ́ọ̀tì, wọ́n á sì sinmi ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí wọ́n bá fi pa kókó péálì, egbò ni wọ́n á gbà, kókó ò ní lọ.

Ọmọ ọdún 19 yẹn ò gba oògùn kankan lọ sílé, ju ọ̀rá ìpara tó máa mú ibi tó ha bó jinná. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí kókó péálì kúrò nítorí ẹwà nìkan, dókítà awọ lè fi iná lésà jó o. Ẹ̀yin tí tiyín ò bá tò ní ìlà, tó ń pọ̀ sí i, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó di egbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ha á, ẹ má sì fi ohunkóhun pa á kí dókítà tó wò ó.