Ìyọ̀ǹda Ọba Kò Tó: Ààbò Abẹ́nà Ìmọ̀ Nínú Ìwádìí Àbá-wọn-gbé ní Ìlú Kékeré

Ìlú Ògbóòrò wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ní Òkè-Ògùn, agbègbè ọ̀dàn tí ó bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Àlejò kì í lè fara sin pẹ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ará ìlú yóò ti mọ ilé tí ó wọ̀ sí àti ẹni tí ó mú un wá. Èyí ni ó fi dà bí ẹni pé ìwádìí abẹ́lẹ̀, níbi tí olùwádìí ti ń bá àwọn ènìyàn gbé láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó wá ṣe, kò lè wáyé níbẹ̀. Ó ń wáyé. Ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni. Olùwádìí kan fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà ṣe fi fàyàwọ́ gbọ́ bùkátà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè pa, láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ó lọ kí ọba àti àwọn ìjòyè, ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lójú tirẹ̀, gbangba ni ó wà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, nídìí ayò, ọlọ́kadà kan ń sọ ọ̀nà inú igbó tí wọ́n gbà kó ìrẹsì wọlé. Ọ̀rẹ́ ni ọmọkùnrin yìí rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti gbàgbé ìwé àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú yàrá ọ̀rẹ́ náà. Bí ó bá tilẹ̀ rántí, ṣé ó lè sọ fún àlejò ọba pé òun kò ní sọ̀rọ̀? Bí àṣẹ àgbà ti wúwo tó láàárín wa, ìyọ̀ǹda tí ó ti òkè wá lè di ìfipá fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí ó jẹ́ gbangba láàfin lè di ti abẹ́lẹ̀ nídìí ayò.

Ohun tí ó yẹ ni kí olùwádìí pe ọmọkùnrin náà sí kọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì, kí ó rán an létí iṣẹ́ tí òun ń ṣe, kí ó sì bi í bóyá òun lè lo ọ̀rọ̀ àná. Bí ó bá ní rárá, kí ó pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ìyọ̀ǹda ẹnu sàn ju ti ìwé lọ níbí, nítorí orúkọ àti ìbuwọ́lùwé lè di ẹ̀rí lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Olùwádìí kò ní irú ààbò tí òfin fún agbẹjọ́rò lórí ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀, nítorí náà orúkọ kò gbọdọ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ rárá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó fi èyí hàn jù ni Laud Humphreys ní Amẹ́ríkà. Ó díbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tí ń pàdé ọkùnrin ní ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, ó ṣe aṣọ́nà fún wọn, ó sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ wọn sílẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni ó fi wá ilé wọn rí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ó pa ìrísí dà, ó lọ bá wọn nílé bí ẹni tí ń bèèrè nípa ìlera. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1970. Àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn máa ń sọ pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó lè gbé wọn dé ẹ̀wọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ni ó sì pinnu pé kí wọ́n wà nínú ewu náà.

Ìyípadà orúkọ ni ọ̀pọ̀ olùwádìí gbójú lé. Ká ní olùwádìí wa kọ ọ́ pé: ‘opó kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ilé ìwòsàn ni ó ń bá wọn tọ́jú ìrẹsì.’ Kò dárúkọ, àmọ́ opó mélòó ni ó ní ìsọ̀ níbẹ̀? Ará Ìbàdàn lè má mọ̀ ọ́n. Aládùúgbò rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n kí ó tó ka gbólóhùn náà tán, bẹ́ẹ̀ aládùúgbò ni ó lè fi í sùn. Nancy Scheper-Hughes sọ abúlé kan ní Áyálándì lórúkọ mìíràn nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1979. Kò pẹ́ tí oníròyìn kan fi tú àṣírí abúlé náà, tí àwọn ará ibẹ̀ sì dá ara wọn mọ̀. Nígbà tí ó padà lọ ní ọdún 1999, wọ́n ní kí ó máa lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a yí ohun tí ó ń tọ́ka sí i padà: kí opó di ‘oníṣòwò kan’, kí ilé ìwòsàn kúrò níbẹ̀, kí ohun tí ènìyàn mẹ́ta sọ di ẹyọ kan. Nígbà mìíràn orúkọ ìlú fúnra rẹ̀ ni yóò lọ. Kí olùwádìí ka iṣẹ́ náà sétí ẹnìkan tí ó gbọ́n nínú ìlú kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde kò dára tó. Opó náà gan-an ni kí ó kà á fún.

Kì í sì í ṣe gbogbo orúkọ ni ó yẹ ní pípamọ́. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, pe ìlú náà àti àwọn akéwì rẹ̀ lórúkọ wọn gan-an nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991. Oríkì ni ó ń ṣèwádìí lé lórí; ẹni tí ó bá fi orúkọ mìíràn bo apohùn mọ́lẹ̀ ti gba iṣẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro ń bẹ níbi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ti pàdé. Bí opó onírẹsì bá tún jẹ́ apohùn tí ó fẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ òun, ìwé méjì ni yóò jẹ́, kí àwòrán rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti àpèjúwe ìsọ̀ rẹ̀ má sì kọjá láti inú ọ̀kan sínú èkejì.