Ohun Tí Olóòtú Lè Fọwọ́ Kàn Nínú Ìwé Ìbéèrè Owó

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gààrí fẹ́ béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ àjọ kan. Wọ́n ti kọ ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní pùrópósà, ojú ewé mẹ́jọ, ètò ìṣúná sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku kí olóòtú yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tí wọ́n ti to ète wọn sílẹ̀, ohun tó bá níbẹ̀ nìyí:

Dídá obìnrin 40 lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìmọ́tótó ibi iṣẹ́.
A ó ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ méjì.
Èéfín yóò dínkù níbi tí a ti ń yan gààrí.

Kò sí irọ́ nínú ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọn ò bá ara wọn rìn. Èkíní dárúkọ iṣẹ́, èkejì ṣèlérí, ẹ̀kẹta sì ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láì sọ ẹni tí yóò ṣe é. Ẹni tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àjọ náà ní òmíràn púpọ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Bí ìlà mẹ́ta tó yẹ kó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ bá gba ọ̀nà mẹ́ta, ó di dandan kó dúró kó tún un kà, kó sì máa ṣírò fúnra rẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an.

Ìlà méjì àkọ́kọ́ kò le. Olóòtú lè fi “Ríra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ méjì” rọ́pò “A ó ra,” kó bá “Dídá” mu. Ohun tí ẹgbẹ́ sọ kò yí padà: ẹ̀rọ méjì náà ni, àwọn náà ni yóò sì rà á.

Ìlà kẹta ni iṣẹ́ wà. Ọwọ́ olóòtú á fẹ́ yá láti kọ “Dídín èéfín kù,” kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọra. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ìwé á gún, ṣùgbọ́n ó ti sọ àbájáde di iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ rà. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe tí èéfín yóò fi dínkù? Ìlà náà kò sọ. Tí àjọ bá béèrè owó tí wọ́n fẹ́ ná sórí “dídín èéfín kù,” kò ní rí orúkọ yẹn nínú ètò ìṣúná rárá. Lójú tèmi, ibi tí gbólóhùn bá ti kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ó sábà máa ń jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ gan-an kì í ṣe irú kan náà. Ẹni tó bá kàn fi agbára mú wọn dọ́gba ti bo ìbéèrè tó yẹ kó béèrè mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, olóòtú á ṣí ètò ìṣúná. Ó bá owó ààrò mẹ́fà tó ní ọ̀nà èéfín níbẹ̀. Ó jọ pé ìdáhùn nìyẹn, àmọ́ kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́ sínú ìwé. Etí ìwé ló máa kọ ọ́ sí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí ààrò mẹ́fà nínú ètò ìṣúná. Ṣé kíkọ́ wọn ni ète kẹta, tí èéfín tó dínkù sì jẹ́ àbájáde rẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí n kọ ‘Kíkọ́ ààrò mẹ́fà tó ní ọ̀nà èéfín,’ kí n gbé ọ̀rọ̀ èéfín lọ sábẹ́ àbájáde?” Ìyá ààrẹ ẹgbẹ́ lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì lè ní rárá, pé èéfín gan-an ló kó wọn jọ, pé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ àti ààrò kàn ń ṣiṣẹ́ fún un ni. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ èéfín á gòkè di èròǹgbà àgbà, àwọn yòókù á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ nìkan ló lè yan èyí tó jẹ́ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà gba irú sùúrù yìí. Ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé kí a má ṣe tún ọ̀rọ̀ kan lò léraléra nínú àròkọ. Nínú ìwé ìbéèrè owó, ẹ̀kọ́ yẹn a máa ṣèpalára. Ìwé yìí pe àwọn èèyàn náà ní “obìnrin 40” ní ojú ewé kejì, “mẹ́ńbà” ní ẹ̀kẹta, “onígààrí” ní ìkarùn-ún, nígbà tó dé ìkeje, wọ́n di “olùjàǹfààní 55.” Ṣé àwọn kan náà ni? Níbo ni 15 yòókù ti wá?

Olóòtú tó mọ iṣẹ́ á mú ìwé kan sọ́tọ̀, á to gbogbo orúkọ yìí síbẹ̀ pẹ̀lú ojú ewé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Ctrl+F lórí kọ̀ǹpútà á bá a wá wọn. Àmọ́ kó má ṣe tẹ Replace All. Ká ní ó fi “mẹ́ńbà” rọ́pò “onígààrí” níbi gbogbo: gbólóhùn tó ní “àwọn onígààrí ìlú yìí ń pàdánù ẹ̀gẹ́ lásìkò òjò” á di pé àwọn mẹ́ńbà ẹgbẹ́ nìkan ló ń pàdánù. Ìṣòro gbogbo ìlú ti di ti èèyàn díẹ̀, ẹsẹ̀ tí àlàyé náà fi dúró sì ti ṣẹ́, láì sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó wò wọ́n, kó sì fi orúkọ kan mọ sórí ohun kan.

Ní ti àkọlé, orúkọ tí àjọ fúnra rẹ̀ lò nínú ìpè rẹ̀ ni kí a lò, bí wọ́n ṣe tò ó ni kí a sì tò ó. Bí wọ́n bá pè é ní “Àbájáde,” kí a má ṣe pè é ní “Èrè Iṣẹ́ Wa.” Àwọn àjọ kan kì í fojú kékeré wo èyí. NSF, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń náwó sórí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, béèrè pé kí apá kan wà nínú àlàyé iṣẹ́ tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ “Broader Impacts.” Ìwé tí kò bá ní in, wọ́n lè dá a padà láì gbé e yẹ̀ wò. Ohun tó wà lábẹ́ àkọlé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àkọlé pè é; tí ètò iṣẹ́ bá ti wọ abẹ́ “Ìṣòro,” kí olóòtú tọ́ka sí i, kó béèrè bóyá kí òun gbé e kúrò.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn: “lè.” Bí ẹgbẹ́ bá kọ pé ààrò tuntun “lè” dín ikọ́ kù, ó lè jọ pé “yóò” dùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ “lè” mọ bí ẹ̀rí òun ṣe tó. Bí olóòtú bá rí i pé àlàyé kan kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, kó sọ ọ́ nínú lẹ́tà tó bá ìwé náà lọ, kó má ṣe fi gbólóhùn dídùn dí ihò náà.

Track Changes ni kó tàn kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí àwọn obìnrin náà lè rí gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé, kí wọ́n sì lè kọ èyí tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí ìdáhùn wọn bá dé, pé 40 ni yóò gba ẹ̀kọ́, pé 15 tó kù jẹ́ àwọn tí yóò kàn máa lo ẹ̀rọ, ó di kó padà sí ojú ewé kejì àti ìkeje, kó kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ète mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò ìṣúná, láti rí i pé orúkọ tí ààrò ń jẹ́ lókè náà ló ń jẹ́ níbi tí owó rẹ̀ wà.